"Tu" àti "vous": bí àwọn Faransé ṣe ń pe ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀

Ẹni tí ó bá ń kọ́ èdè Faransé yóò rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ pé èdè náà ní arọ́pò-orúkọ ẹnì kejì méjì, èyí ni pé ọ̀rọ̀ méjì ni ó ní fún ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ lójúkojú. Èkíní ni "tu", tí wọ́n máa ń lò fún ẹnì kan ṣoṣo tí ó bá sún mọ́ asọ̀rọ̀. Èkejì ni "vous", tí wọ́n máa ń lò fún ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n sì tún máa ń lò fún ẹnì kan ṣoṣo nígbà tí wọ́n bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún un tàbí nígbà tí wọn kò bá mọ̀ ọ́n rí. Àwọn Faransé tilẹ̀ ti sọ yíyàn yìí di ọ̀rọ̀-ìṣe: kí ènìyàn máa pe ẹlòmíràn ní "tu" ni wọ́n ń pè ní "tutoyer", kí ó sì máa pè é ní "vous" ni wọ́n ń pè ní "vouvoyer", ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí sì wúlò púpọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí pé àwọn ni wọn yóò fi bi í léèrè bí ó bá di pé wọ́n fẹ́ yí ọ̀kan padà sí èkejì.

Ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ àlàyé yìí yóò rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, nítorí pé "o" àti "ẹ" ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Kò sì jìnnà sí òtítọ́, nítorí pé bí a bá fi èdè Faransé wé ti Jámánì àti ti Sípéènì, Faransé ni ìlànà rẹ̀ jọ ti Yorùbá jù. Àwọn Jámánì máa ń yá ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sọ "àwọn" lò fún ẹni ọ̀wọ̀, wọn a sì fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, "Sie". Ní Sípéènì, "usted" ni wọ́n ń sọ, ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá tẹ̀lé e a sì wá bí ẹni pé ẹlòmíràn tí kò sí níbẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Faransé kò ṣe irú ìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ó wà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó mú fún ẹnì kan gẹ́gẹ́ bí "ẹ" ti Yorùbá ṣe ṣe. Ṣùgbọ́n ìjọra yìí gan-an ni ó máa ń kó akẹ́kọ̀ọ́ sí yọ́ọ́yọ́ọ́, nítorí pé ìrísí nìkan ni ó jọra, òfin tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ yàtọ̀ gédégbé.

Láàárín àwọn Yorùbá, ọjọ́ orí ni ó kọ́kọ́ ń pinnu ohun tí a óò pe ẹni. Ẹni tí ó bá fi ọdún díẹ̀ péré ju ènìyàn lọ ti di ẹ̀gbọ́n, "ẹ" ni àbúrò yóò sì máa fi bá a sọ̀rọ̀, òun ní tirẹ̀ yóò máa fi "o" dá a lóhùn, inú ẹnikẹ́ni kò sì ní bàjẹ́ sí i. Apá kan ni ọ̀wọ̀ náà ń gbà lọ, ohun tí ó sì ń gba apá kejì bọ̀ kì í ṣe àrífín, ìfẹ́ àgbà sí ọmọdé ni. Ní ilẹ̀ Faransé òde òní, láàárín àgbàlagbà méjì, ohun tí èkíní bá pe èkejì ni èkejì náà yóò fi pè é. Bí ọ̀kan bá ń sọ "vous", "vous" ni yóò gbọ́. Bí ó bá ń sọ "tu", ó ti gbà pé kí wọ́n máa pe òun náà ní "tu", ì báà ṣe pé ó fi ogún ọdún ju ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ lọ. Nítorí náà, ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn Faransé kí ó tó yan ọ̀rọ̀ kì í ṣe "Ta ni àgbà nínú àwa méjèèjì?" Ohun tí ó ń bi ara rẹ̀ ni bóyá òun àti ẹni yìí mọ ara wọn, bóyá wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ kan, àti bóyá wọ́n ti fún ara wọn láàyè.

Àwọn onímọ̀ méjì kan, Roger Brown àti Albert Gilman, kọ àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1960 tí àwọn onímọ̀ èdè ṣì ń tọ́ka sí títí di òní, nínú èyí tí wọ́n ti ṣàlàyé pé nǹkan méjì ni ó ń jà lórí irú arọ́pò-orúkọ wọ̀nyí ní àwọn èdè Yúróòpù. Wọ́n pe èkíní ní agbára, ìyẹn ni pé ẹni tí ó ga ń pe ẹni tí ó rẹlẹ̀ ní "tu", tí ẹni tí ó rẹlẹ̀ sì ń fi "vous" dá a lóhùn; wọ́n pe èkejì ní ìrẹ́pọ̀, ìyẹn ni pé àwọn tí wọ́n sún mọ́ ara wọn ń pe ara wọn ní "tu", àwọn tí wọ́n sì jìnnà sí ara wọn ń pe ara wọn ní "vous". Nígbà kan rí, agbára ni ó borí ní ilẹ̀ Faransé. Ọ̀gá a máa pe ọmọ-ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní "tu", ọmọ-ọ̀dọ̀ kò sì gbọdọ̀ dán irú rẹ̀ wò. Ìyẹn ni ó mú kí àwọn ènìyàn kan, ní ọdún 1793, nígbà tí ìyípadà ńlá ti gba ìjọba lọ́wọ́ ọba, gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìgbà náà pé kí wọ́n pa "vous" rẹ́ fún ẹnì kan ṣoṣo, kí gbogbo ọmọ ìlú máa pe ara wọn ní "tu", kí ó lè hàn pé kò sí ẹni tí ó ga ju ẹnì kejì rẹ̀ lọ. Àṣà náà gbilẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àní nínú ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kọ, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi wọlẹ̀, "vous" sì padà wá. Nígbà tí ó sì padà wá, díẹ̀díẹ̀, láàárín ọ̀rúndún méjì tí ó tẹ̀lé e, ìrẹ́pọ̀ ni ó ń borí agbára, títí ọ̀rọ̀ fi di ti lónìí tí àgbàlagbà kan kì í fi "tu" bá àgbàlagbà mìíràn tí ń fi "vous" bá a sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó fẹ́ tẹ́ ẹ tàbí pé àwọn méjèèjì ti jọ gbà bẹ́ẹ̀.

Ibi kan ṣì wà tí ọ̀wọ̀ ti ń gba apá kan ṣoṣo lọ, ibẹ̀ náà ni àárín àgbàlagbà àti ọmọdé. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń pe ọmọ ní "tu", ọmọ náà sì ń kọ́ bí yóò ṣe máa fi "vous" dá a lóhùn bí ó ṣe ń dàgbà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2018 fi èyí hàn kedere. Ààrẹ Emmanuel Macron lọ síbi ayẹyẹ ìrántí kan lẹ́bàá ìlú Párísì, ọmọ ilé-ìwé kan sì bá a ṣe àwàdà, ó gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí "Manu", ó sì bi í bí nǹkan ṣe ń lọ. Macron dá a dúró níbẹ̀, ó sọ fún un pé "Ọ̀gbẹ́ni Ààrẹ" tàbí "Ọ̀gbẹ́ni" ni kí ó máa pe òun. Ohun tí ọ̀pọ̀ àjèjì tí ó wo fọ́rán náà kò fiyè sí ni pé "tu" ni Ààrẹ fi ń bá ọmọ náà wí ní gbogbo àkókò tí ó ń kọ́ ọ ní ọ̀wọ̀. Ní etí Faransé, kò sí ìtakora níbẹ̀, nítorí pé ọmọdé ni ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ká ní àgbàlagbà ni, "tu" yẹn ì bá ti di àbùkù.

Èyí ni a fi dé ibi àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù, tí ó sì burú jù, tí ẹni tí ó ti inú èdè Yorùbá wá lè ṣe. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta kan wọ ilé-ìtajà búrẹ́dì, ó bá ọmọdébìnrin ọdún méjìdínlógún kan lẹ́yìn káńtà, gbogbo ohun tí ilé kọ́ ọ sì ń sọ fún un pé "o" ni ti ọmọ yìí, nítorí náà ó ní "Tu as du pain ?", èyí ni "Ṣé o ní búrẹ́dì?" Lójú ara rẹ̀, kò ṣẹ̀. Lójú ọmọbìnrin náà, ọkùnrin àjèjì kan ni ó wọlé tí ó ń bá òun sọ̀rọ̀ bí ẹrú, nítorí pé kò mọ òun rí, iṣẹ́ ni òun sì ń ṣe. "Vous" ni ti gbogbo ẹni tí ènìyàn bá bá lẹ́nu iṣẹ́, ì báà ṣe akọ̀wé, awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ẹni tí ń gbálẹ̀, tàbí ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ì báà sì kéré tó ọmọ bíbí ẹni. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú òfin ìwà àwọn ọlọ́pàá àti jándámù, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2014, pé "vous" ni kí wọ́n máa fi bá ará ìlú sọ̀rọ̀, nítorí pé ó ti pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ráhùn pé bí ọlọ́pàá bá dá àwọn dúró lójú pópó, "tu" ni ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu rẹ̀.

Àṣìṣe kejì yí ojú ti èkíní, ìwà ọmọlúàbí sì ni ó ń fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ kan lè wà níbi iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn ti ń pe ara wọn ní "tu", tí obìnrin ẹni ọgọ́ta ọdún kan sì sọ fún un pé kí ó máa pe òun ní "tu", kí ó sì máa fi orúkọ òun pe òun. Ara ọmọ Yorùbá kò ní gbà á. Yóò máa sọ "vous" lọ, yóò máa fi "Madame" há a láàárín, yóò sì rò pé òun ń bu ọlá fún ìyá yìí. Ohun tí ìyá náà ń gbọ́ yàtọ̀: ó ń gbọ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin yìí kò fẹ́ sún mọ́ òun, pé ó kọ ọwọ́ tí òun nà sí i. Ọ̀wọ̀ wà nínú "vous" lóòótọ́, ṣùgbọ́n ààyè tí ó wà láàárín ènìyàn méjì ni ó kún inú rẹ̀ jù.

Ó yẹ kí a tọ ipasẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí ìlànà náà lè hàn lójú iṣẹ́. Ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n kan láti Ìbàdàn wọlé sí yunifásítì ní ìlú Líyọ̀n. Kí ó tó débẹ̀, yóò ti kọ ímeèlì sí akọ̀wé ẹ̀ka rẹ̀. "Vous" ni ti akọ̀wé, kò sí àríyànjiyàn. Ní ilé tí yóò gbé, ìyá onílé jẹ́ ẹni àádọ́rin ọdún. "Vous" ni ti ìyá, "vous" náà ni ìyá yóò sì fi dá a lóhùn, ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò sì gbọdọ̀ rò pé ìyá ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ tàbí pé inú ń bí i. Ọmọ-ọmọ ìyá, ẹni ọdún mẹ́jọ, wá kí ìyá àgbà. "Tu" ni ti ọmọ náà. Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin yóò ti gbọ́ ohun tí yóò yà á lẹ́nu, nítorí pé "tu" ni ọmọ náà ń pe ìyá àgbà rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ń pe bàbá àti ìyá tí ó bí i. Ìdílé díẹ̀ ṣì wà, pàápàá láàárín àwọn ọlọ́lá àtijọ́, tí àwọn ọmọ ti ń pe òbí ní "vous", ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Ilé ni ibi tí ìsúnmọ́ra pọ̀ sí jù, nítorí náà ilé ni "tu" ń gbé.

Ní ọjọ́ kìíní ní kíláàsì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "tu" kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́, "tu" ni, ó sì yẹ kí òun náà fi "tu" dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó wọlé ń pe akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní "vous", àwọn náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò tí ó ti ń ṣe ìwádìí rẹ̀ sọ fún un pé "On peut se tutoyer ?", ìyẹn ni pé "Ṣé kí á máa pe ara wa ní 'tu'?" Ìbéèrè ni ó jọ, ṣùgbọ́n ìpè ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni "Oui, bien sûr", gbólóhùn tí ó bá sì tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ ní "tu" nínú, nítorí pé "tu" tí ó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ ni yóò fi hàn pé ó gbà. Ìtàn kan wà tí àwọn Faransé fẹ́ràn láti máa sọ nípa François Mitterrand, ẹni tí ó jẹ́ Ààrẹ wọn láti ọdún 1981 sí 1995. Wọ́n ní ará ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ kan bi í bóyá àwọn lè máa pe ara àwọn ní "tu", Mitterrand sì dá a lóhùn pé "Si vous voulez", "Bí ẹ bá fẹ́." Ó gbà pẹ̀lú ẹnu, "vous" tí ó fi gbà á ni ó sì fi kọ̀ ọ́.

Ẹni tí ó dàgbà jù tàbí tí ipò rẹ̀ ga jù ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé ìpè yìí kalẹ̀, kò sì dára kí akẹ́kọ̀ọ́ fi bẹ ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀. Ní ibi yìí, ọjọ́ orí ní agbára díẹ̀, ṣùgbọ́n agbára láti ṣí ilẹ̀kùn ni; bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, méjèèjì ni wọn yóò gba ibẹ̀ kọjá. Wọn kì í sì padà sẹ́yìn. Ẹni méjì tí wọ́n ti ń pe ara wọn ní "tu", tí ọ̀kan bá ṣàdédé padà sí "vous" láìsí àlàyé, ìjà ti dé nìyẹn.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi ọ̀rọ̀ lò, ẹni tí ó ṣẹ̀ kì í sábà bá a wí. Àmì rẹ̀ ni pé ẹni náà yóò dá a lóhùn pẹ̀lú "vous" tí ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, tàbí kí ó fi "Monsieur" parí gbólóhùn rẹ̀ níbi tí kò yẹ kí "Monsieur" wà. Bí inú bá bí i gan-an, ó lè sọ òwe Faransé kan tí ó ní àwọn méjèèjì kò jọ da ẹlẹ́dẹ̀ pọ̀ rí. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ "Excusez-moi", tí ó ti jẹ́ ọ̀rọ̀ ti "vous" fúnra rẹ̀, kí ó sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ pẹ̀lú "vous".

Yíyan ọ̀rọ̀ kò tíì parí iṣẹ́ o, nítorí pé ohun tí a bá yàn gbọ́dọ̀ dé gbogbo igun gbólóhùn. Ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn kan tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lò léraléra: "Tu peux me donner ton adresse, s'il te plaît ?", tí ó túmọ̀ sí "Ṣé o lè fún mi ní àdírẹ́sì rẹ, jọ̀wọ́?" Bí ó bá jẹ́ akọ̀wé ni a fẹ́ bi, yóò di "Vous pouvez me donner votre adresse, s'il vous plaît ?" Ibi mẹ́rin ni ó yí padà. Arọ́pò-orúkọ yí láti "tu" sí "vous". Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí "lè" yí láti "peux" sí "pouvez". Ọ̀rọ̀ tí ó ń tọ́ka sí ẹni tí ó ni nǹkan yí láti "ton" sí "votre". "Jọ̀wọ́" pàápàá yí láti "s'il te plaît" sí "s'il vous plaît", gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti ń yí "jọ̀wọ́" sí "ẹ jọ̀wọ́". Ibi kẹta ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń gbàgbé jù. Yóò kọ "Je vous remercie de ta réponse", èyí tí ó dà bí kí ènìyàn sọ pé "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún èsì rẹ." Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò sọ bẹ́ẹ̀ ní èdè abínibí rẹ̀, nítorí náà ohun tí ó dára ni kí ó ka ímeèlì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó tó fi ránṣẹ́, kí ó máa fi ojú wá "ton", "ta", "tes", "te" àti "toi" nìkan, kí ó sì fi "votre", "vos" àti "vous" rọ́pò wọn.

Pípa arọ́pò-orúkọ mọ́ra kò lè gba akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ nínú gbólóhùn àṣẹ, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe ni yóò tú àṣírí rẹ̀. "Attends !" jẹ́ "Dúró!", "Attendez !" sì jẹ́ "Ẹ dúró!" Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá tẹ̀lé "vous" ni ó ń parí sí "ez", àyàfi mẹ́ta tí ó wọ́pọ̀ gan-an tí ó sì yẹ kí a há sórí: "vous êtes", "vous faites" àti "vous dites", tí wọ́n jẹ́ ti kí ènìyàn jẹ́ nǹkan, kí ó ṣe nǹkan, àti kí ó sọ nǹkan. Ẹni tí kò bá tíì mọ èyí tí yóò yàn lè fi ìgbà díẹ̀ rìn ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà: "Bonjour" kò ṣe ojúsàájú, "Ça va ?" náà kò ní arọ́pò-orúkọ kankan nínú, a sì lè fi "C'est possible d'avoir un café ?" béèrè kọfí láìpe ẹni tí ó ń tà á ní ohunkóhun. Ṣùgbọ́n "Salut", tí ó jẹ́ ìkíni, apá ọ̀dọ̀ "tu" ni ó wà.

Nǹkan méjì mìíràn ṣì wà tí Yorùbá fúnra rẹ̀ lè fà. Àkọ́kọ́ ni pé "vous" ti ẹnì kan ṣoṣo ń fa ọ̀rọ̀-ìṣe ti ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-àpèjúwe tí ó bá tẹ̀lé e ń ka iye ènìyàn tí ó wà níbẹ̀ ní òótọ́. Bí a bá ń kọ̀wé sí obìnrin kan pé inú rẹ̀ dùn, "vous êtes contente" ni a óò kọ, láìsí "s" níparí; bí wọ́n bá jẹ́ obìnrin méjì, yóò di "vous êtes contentes". Ìyàtọ̀ náà kì í dún létí, lórí ìwé nìkan ni ó ti ń hàn. Èkejì ni pé Yorùbá kò fi ọ̀wọ̀ mọ sí ojú ẹni, a tún ń bọ̀wọ̀ fún àgbà tí kò sí níbẹ̀, tí a fi ń sọ pé "Bàbá mi ti dé, wọ́n ń jẹun." Faransé kò ní èyí. Bàbá ẹni, ọ̀jọ̀gbọ́n, ọba, gbogbo wọn ni "il" bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin, "elle" bí wọ́n bá jẹ́ obìnrin. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní "ils mangent" nípa bàbá rẹ̀, àwọn tí ń gbọ́ ọ yóò máa wá ẹni kejì tí ó bá bàbá jókòó sídìí oúnjẹ.

Pípè ọ̀rọ̀ méjèèjì náà gba ìtọ́jú. Fún "tu", ètè yóò ká bí ẹni tí ó fẹ́ pe "u", ṣùgbọ́n ahọ́n yóò wà ní ibi tí ó ń wà fún "i". Fún "vous", eyín òkè yóò kan ètè ìsàlẹ̀ bí ìgbà tí a fẹ́ pe "f", ọ̀fun yóò sì máa gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. "S" tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀ kì í dún, àfi bí fáwẹ̀lì bá tẹ̀lé e, nígbà náà yóò gbọ̀n bí ìró kòkòrò tí ń fò. Gbígbọ̀n ọ̀fun yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣejù, nítorí pé bí kò bá sí níbẹ̀, "vous" yóò di "fou", tí ó túmọ̀ sí wèrè, ó sì ṣòro kí ènìyàn gba irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni.

Àwọn àyè kan wà tí ìlànà tí a ti ń sọ bọ̀ yìí kò bá mu rẹ́gí. Jean-Paul Sartre àti Simone de Beauvoir, tí wọ́n jọ wà fún ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ, "vous" ni wọ́n pe ara wọn títí ikú fi yà wọ́n. Nínú àdúrà, àwọn Kátólíìkì a máa pe Ọlọ́run ní "vous" tẹ́lẹ̀, títí di ọdún 1966 tí wọ́n yí Àdúrà Olúwa padà, tí "êtes" inú rẹ̀ fi di "es", èyí tí í ṣe ti "tu". Síbẹ̀, àdúrà tí wọ́n fi ń kí Màríà kò yí padà, "vous" ni ó ṣì wà nínú rẹ̀. Àjèjì kò ní láti fara wé àwọn wọ̀nyí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó rò pé àwọn méjì tí òun gbọ́ "vous" lẹ́nu wọn kò lè jẹ́ olólùfẹ́.

Ó ku ọ̀dọ́mọkùnrin Líyọ̀n, tí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ ti yọrí, tí ó ti gbèjà rẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀, tí ọ̀jọ̀gbọ́n alábòójútó rẹ̀ sì sọ fún un, pẹ̀lú ife wáìnì lọ́wọ́, pé ó tó àkókò kí àwọn méjèèjì máa pe ara wọn ní "tu". Bí ó bá lè ṣe é, kí ó ṣe é ní gbólóhùn tí ó tẹ̀lé e. Bí ahọ́n rẹ̀ bá kọ̀, gbólóhùn kan wà tí àwọn Faransé fúnra wọn ń lò: "J'ai du mal à vous dire tu", èyí ni pé ó ṣòro fún un láti pe ọ̀gá rẹ̀ ní "tu". Kò sí ẹni tí ń bínú sí i, nítorí pé ó ti sọ ìdí rẹ̀. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò máa pè é ní "tu" lọ, òun yóò sì máa fi "vous" dá wọn lóhùn, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Àwọn mìíràn, tí wọn kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ máa gba apá kan ṣoṣo, yóò padà sí "vous" pẹ̀lú rẹ̀, títí di ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi lè sọ "tu".